Ìyẹ̀fun Ìdí Búrẹ́dì

Ìyá mi ń ṣe búrẹ́dì ní Okokomaiko, olùkọ́ mi sì ní kí n mú búrẹ́dì tó bu wá sí kíláàsì. Ẹni tó bá mọ ìyá mi ti mọ̀ pé wàhálà ti dé nìyẹn.

Mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì ní Òjó nígbà náà, mò ń kọ́ nípa àwọn ohun alààyè. Ẹni tó ń darí wa ní yàrá àyẹ̀wò jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó sì máa ń wo ìwé wa bí ẹni tó ń wo ẹran tó ti ń rùn. Ó pín wa sí méjì-méjì. Ó ní kí ẹni méjì-méjì mú nǹkan mẹ́ta wá: yíìsì, ebu àti olú. Ó ní ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, fọ́ńgáì ni wọ́n ń jẹ́, àwa ni a ó sì wá sọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé a he ebu náà níbì kan, àwa fúnra wa ni ká sìn ín lórí oúnjẹ tí a mọ ibi tó ti wá. Ẹni tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gba òdo.

Òdo yẹn kan èmi ju gbogbo wọn lọ. Nínú àyẹ̀wò tó ṣáájú, afẹ́fẹ́ róbótó kan ló há sábẹ́ gíláàsì mi, mo sì rò pé sẹ́ẹ̀lì ni. Mo yà á, mo kùn ún, mo tún kọ orúkọ sí ara rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wò ó títí, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó fi ìfẹ́ ya òfìfo báyìí rí. Bí mo bá tún gba òdo, n óò tún kọ́ọ̀sì náà ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹnì kejì mi jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Ìbà, tí ara rẹ̀ yá gágá bí ẹni tó gbé bátìrì mì. Bó ṣe gbọ́ iṣẹ́ náà ló gbá mi léjìká. Ó ní ìyá mi ń ṣe búrẹ́dì, nítorí náà a ti yege, ó kù kí wọ́n fún wa ní máàkì. Mi ò fẹ́ bà á nínú jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé nínú ilé wa, a kì í sọ pé búrẹ́dì bu. Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Bí búrẹ́dì bá pẹ́ nílẹ̀, a óò ní ó ti dàgbà. Bó bá ti wá dúdú létí, a óò ní ó ti lọ sílé. Ìgbà tí mo bá màámi lẹ́nu iṣẹ́ tí mo là á mọ́ ọn pé ebu ni mo fẹ́, ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú abọ́.

Mo ṣàlàyé. Mo ní kì í ṣe ebu nìkan, yíìsì náà wà níbẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n.

"Ta ló bí i?" màámi béèrè.

Mo ní kì í ṣe irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Kò gbà. Ó ní yíìsì tó ti ń bá òun ṣiṣẹ́ láti kékeré mi, tó san owó iléèwé mi, tó kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé, ni mo wá ń pè ní ẹbí nǹkan yẹn? Ó ní kí olùkọ́ mi wá sọ ọ́ lójú yíìsì. Ó tọ́ka sí agolo rẹ̀ lórí pẹpẹ bí ẹni tó ń tọ́ka sí àgbàlagbà tí wọ́n bú.

Bó ti bínú tó, ó gbà. Ìdí tó fi gbà ni pé ó dá a lójú pé kò ní bu. Láti ọdún tó ṣáájú ló ti ń fi èròjà lẹ́búlẹ́bú kan kún ìyẹ̀fun búrẹ́dì rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ta èlò búrẹ́dì sọ pé kì í jẹ́ kó tètè bu. Ọ̀rọ̀ "tètè" yẹn kò wọ màámi létí. Ohun tó gbọ́ ni pé kì í jẹ́ kó bu. Ó mú odidi búrẹ́dì kan, ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, ó sì gbé báàkẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń tajà. Ó ní, "Kí gbogbo ayé máa wò ó."

Gbogbo ayé sì ń wò ó lóòótọ́. Àwọn obìnrin tó ń ru búrẹ́dì lọ sí Igbó-Elérin máa ń kọ́kọ́ bẹ báàkẹ́ẹ̀tì wò kí wọ́n tó di ẹrù wọn. Ẹni tó wá mú un ní iṣẹ́ ni bàbá kan láti Navy Town, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun orí omi. Àràárọ̀ ló ń wá ra búrẹ́dì. Kò rí ohun tó máa yẹ̀ wò láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, báàkẹ́ẹ̀tì ìyá mi ló wá dà bíi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Yóò dúró ṣánṣán, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò yí i po, yóò ní, "Kò sí ọ̀tá." Màámi yóò dáhùn pé, "Kò sí, Bàbá."

Bàbá ológun yìí ló wá sọ pé bí búrẹ́dì náà bá fi wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ àyẹ̀wò mi, lọ́wọ́ ìyá mi ni ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ̀yìn tì yóò ti máa ra búrẹ́dì ìpàdé wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí: bí búrẹ́dì yẹn bá bu, mo yege, ìyá mi pàdánù. Bí kò bá bu, ìyá mi jèrè, èmi gba òdo. Inú ilé kan náà la sì ń sùn.

Ẹnì kejì mi ní ká ra búrẹ́dì mìíràn ní Ìbà, ká fi pamọ́ sọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún bọ́ sétí màámi. Kò pariwo. Ó kàn béèrè bóyá búrẹ́dì ọlọ́jà mìíràn ni ọmọ oníbúrẹ́dì yóò gbé lọ sí yunifásítì. Mo sọ fún ẹnì kejì mi pé kó gbàgbé ẹ̀.

Àmọ́ mi ò jókòó lásán. Ebu fẹ́ràn ọ̀rinrin. Bí màámi bá ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí ìsìn, n óò tú ọ̀rá, n óò wọ́n omi díẹ̀ sí ìdí búrẹ́dì, n óò dì í padà. Bó bá ti ìsìn dé, yóò na ọwọ́ sí báàkẹ́ẹ̀tì náà, yóò gbàdúrà. Mò ń wọ́n omi sí i, òun ń gbàdúrà sí i, búrẹ́dì kò sì tẹ̀lé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan tó kù ló ń bu. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Bàtà aláwọ dúdú tí mo rà fún ayẹyẹ ìgbàwọlé bu. Bẹ́líìtì mi bu. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bu, ó yọ àmì bíi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Búrẹ́dì, tí Ọlọ́run dá láti máa bu, jókòó sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ń dán.

Ní ti yíìsì, kò yọ wá lẹ́nu. Màámi bu díẹ̀ fún wa, lẹ́yìn tó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agolo. Ẹnì kejì mi dà á sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ṣúgà nínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó yọ ìfófò. Ìwé wa sọ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yíìsì ń gbé. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odidi rẹ̀. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn ló ń mú búrẹ́dì wú. Bó bá fẹ́ bímọ, yóò yọ kókó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kókó náà yóò dàgbà, yóò já kúrò, yóò di yíìsì tirẹ̀. Mo sọ èyí fún màámi. Ó ní òun ti mọ̀ pé ẹni tó dá dúró tó sì mọṣẹ́ ni.

Olú náà wà nílé. Ẹ̀yìn ààrò wa ni ìtì igi kan wà tí òjò ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́, olú a máa hù lára rẹ̀. Màámi kórìíra wọn. Yóò já wọn dànù, yóò gbá ibẹ̀, tó bá di ọjọ́ mélòó kan wọn yóò tún yọ orí jáde bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti fura sí àwọn ará ilé ẹ̀yìn pé àwọn ló ń gbìn ín.

Ẹnì kejì mi ló fi ọ̀bẹ la ìtì náà fún un. Nínú igi tó ti rọ̀ náà, okùn funfun tín-ín-rín bí òwú kún inú rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra, wọ́n gba gbogbo inú igi kan. Okùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ háífì. Gbogbo wọn lápapọ̀, bí wọ́n ṣe ta àwọ̀n yẹn, ń jẹ́ màìsílíọ́mù. Ẹnì kejì mi ṣàlàyé pé èyí gan-an ni ara fọ́ńgáì náà, ibẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Olú tó yọ síta kàn dà bíi máńgòrò lórí igi ni. Ẹni tó bá já máńgòrò kò tíì gé igi.

Màámi wo inú ìtì náà. Ó ní, "Àṣé inú ilé ni olè wà." Láti ọjọ́ náà ló ti dárí ji àwọn ará ilé ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́.

A gé orí olú kan, a dojú rẹ̀ dé bébà funfun, a sì fi ife bò ó di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí a ṣí i, lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú ti ya ìlà tín-ín-rín sórí bébà, bíi wáyà inú táyà kẹ̀kẹ́. Sípóò nìyẹn, ohun tí fọ́ńgáì fi ń tàn kálẹ̀, tó ń bọ́ láti inú àwọn ìpele wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ orí olú. Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Èyí tó bá bọ́ síbi tó ní oúnjẹ àti ọ̀rinrin yóò yọ háífì tirẹ̀. Bàbá ológun bèèrè bóyá a lè se ìyókù olú náà. A ní ẹni tí kò bá mọ olú kì í jẹ olú. Ó ní ojú omi ni òun ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú igbó, ó sì fi í sílẹ̀.

Bí ọjọ́ àyẹ̀wò ṣe wá ku ọ̀la, a ní yíìsì, a ní olú, a ní búrẹ́dì tí kò bu. Ojú mi ti rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá ológun dé láti ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ó gbé búrẹ́dì náà sókè nínú ọ̀rá, ó yí ìdí rẹ̀ sókè.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, kí ni funfun yìí?"

Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan funfun díẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ lóòótọ́, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ju ojú àtàǹpàkò lọ.

"Ìyẹ̀fun ni, Bàbá," màámi dáhùn. "A máa ń wọ́n ọn sínú páànù kó má baà lẹ̀."

Òótọ́ sì ni, a máa ń wọ́n ọn. Inú ìyẹ̀fun la bí mi sí. Ìyẹ̀fun wà nínú irun wa, ó wà lára fóònù wa, ó wà lára aṣọ ìsìn màámi tí ẹnikẹ́ni kò rí i nítorí pé funfun ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rí nǹkan funfun nílé wa, ìyẹ̀fun ni. Èmi náà gbà pé ìyẹ̀fun ni. Ẹnì kejì mi, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí, ní ìyẹ̀fun ni. Bàbá ológun bẹ́rí, ó ní ìyá mi ti ṣẹ́gun.

Mo wọ yàrá àyẹ̀wò ní Òjó lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó ń lọ gba ìdájọ́. Ní orí tábìlì àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, búrẹ́dì ti yọ irùngbọ̀n. Òmíràn dúdú, òmíràn tutù bí ewé, ọ̀kan tilẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta. Mo jowú ìdọ̀tí wọn. Tiwa jókòó bí ìyàwó tuntun.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo yíìsì lábẹ́ màìkírósíkópù, ó ní dáadáa. Ó wo olú àti bébà lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, ó ní dáadáa. Ó wá wo búrẹ́dì.

"Ebu yín dà?"

Mo ní kò bu. Mo ní ìyá mi ló ṣe é. Mo tún ní wọ́n ti gbàdúrà sí i. Ẹnì kejì mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà yí búrẹ́dì dojú dé, ó bèèrè ohun tó wà ní ìdí rẹ̀, mo ní ìyẹ̀fun ni.

Ó tẹ̀ ba, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹnu. Ìyẹ̀fun náà kò fò. Ó wulẹ̀ mì lẹ́lẹ́, bí irun ara ìkókó. Ó fi abẹ́rẹ́ tú díẹ̀ níbẹ̀, ó gé díẹ̀ láti inú búrẹ́dì lókè ibẹ̀, níbi tí ojú wa kò rí nǹkan kan, ó kán aró búlúù sí i, ó sì ní kí n wò ó.

Mo kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ róbótó kan. Mo mọ̀ ọ́n, a ti jọ pàdé rí. Mo sún kúrò níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí wọn: okùn, okùn, okùn, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n ń ya ẹ̀ka, wọ́n ń gba ara wọn kọjá, wọ́n wọ inú búrẹ́dì lọ. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi sórí màìkírósíkópù ìjọba.

"Kí ló dé tí kò ní àwọ̀?" ọkùnrin náà bèèrè.

Ìdáhùn náà jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Mo ní kò tíì yọ sípóò ni. Dúdú àti àwọ̀ ewé tí à ń rí lára ebu, sípóò ló sábà máa ń fún un. Háífì máa ń ti wọlé tẹ́lẹ̀, funfun tí ojú kò kà sí, wọn a ti máa jẹun nínú ilé kí a tó rí àmì wọn lójúde. Èròjà tí ìyá mi ń fi kún búrẹ́dì kò lé wọn lọ, ó kàn fà wọ́n sẹ́yìn. Olùkọ́ náà ní kí n sọ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní yíìsì ń dá gbé, sẹ́ẹ̀lì kan péré, kò ta okùn. Ebu ń ta okùn, okùn náà di àwọ̀n, ó sì ń gbé orí wẹ́wẹ́ tó ru sípóò sókè lára àwọ̀n náà. Olú náà ń ta okùn, àwọ̀n tirẹ̀ fara pamọ́ sínú igi tàbí ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí àsìkò sípóò bá tó, okùn wọ̀nyẹn a hun ara wọn pọ̀ ṣinṣin, wọn a sì dìde dúró bí agboòrùn.

Ọkùnrin náà kọ máàkì sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì rántí ara rẹ̀.

Mo ya fọ́tò ohun tí mo rí lábẹ́ gíláàsì, mo sì forí lé ilé. Ayọ̀ mi ń tán díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń sún mọ́ Okokomaiko. Wọ́n ti ń dúró dè mí níwájú tábìlì, bàbá ológun àti àwọn obìnrin Igbó-Elérin, màámi sì wà láàárín wọn, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ.

"Ó bu àbí kò bu?" bàbá náà bèèrè.

Mo na fóònù sí màámi. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní òwú tó dára ni, ta ló hun ún. Mo ní ìdí búrẹ́dì wa ni.

"Ìyẹ̀fun yẹn?"

"Kì í ṣe ìyẹ̀fun, Màámi. Ó ti wọ inú rẹ̀ kí a tó rí i."

Mo ti múra fún ìbínú rẹ̀. Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń wo fọ́tò náà títí fóònù fi paná fúnra rẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ̀yìn tì ló ń rò.

"Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré," ó ní, "èyí tí mi ò bá tà, mo máa ń gé ibi tó bu kúrò. Ìyókù ni mo ń fún yín jẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí n óò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, "bu", lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gé e, bó ṣe ń gbé búrẹ́dì sún mọ́ iná kó lè rí gbogbo ibi tó dúdú, kó má ṣẹ́ kù. Mo ní, ẹ wò wá, Màámi, gbogbo wa ló dàgbà. Bàbá ológun ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń ṣe lórí omi, òun ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ òun. Àwọn obìnrin ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn náà ń ṣe. Màámi na fóònù padà sí mi. Ó ní, "Mo rò pé mo ti gé e tán ni."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà débi pé mi ò mọ ibi tí n óò gbé ojú sí.

Bàbá ológun ló yanjú rẹ̀. Ó ní ìpàdé wọn kì í ju wákàtí kan lọ, ebu wo ló lè yára tó àwọn àgbàlagbà tí ebi ń pa? Ó ní kó máa yan tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Màámi gbà, àmọ́ ó ní kò sí ọ̀kankan tí yóò kúrò lọ́wọ́ òun láìjẹ́ pé òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Títí di òní ló ń ṣe é. Búrẹ́dì á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, tí kò sí ebu kankan láyé tó lè wà lára rẹ̀, tó ṣì ń jó oníbàárà lọ́wọ́. Mo ti ṣàlàyé títí, ó sú mi. Màámi yóò gbà á padà, yóò yí ìdí rẹ̀ sókè, yóò mú abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, yóò fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹ̀fun yóò fò sí ojú oníbàárà. Ìgbà náà ló tó ń dì í fún un.